Dìsáìnì mi ń dà bí sítíkà lára ife: báwo lẹ ṣe ń mú kó yí ife ká nínú fọ́tò?

Ọmọ Ìmọ̀wò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Regbẹ́regbẹ́ bàbá mi fẹ́ pín ife tánganran funfun ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n ya dìsáìnì rẹ̀. Mo ya ẹlẹ́ṣin kan tó wọ agbádá, orúkọ ẹgbẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sọ pé kí fáìlì náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú àti 9 ní gíga, nítorí yóò yí ife náà ká. Àwọn àgbà ní àwọn fẹ́ rí bí ife náà yóò ṣe rí kí àwọn tó sanwó. Mo ya fọ́tò ife òfìfo kan, ọwọ́ rẹ̀ wà ní apá ọ̀tún, mo gbé dìsáìnì lé e nínú Photoshop, mo lọ sí Warp, mo yan Arc, mo fà á títí tí ó fi kún ojú ife. Ẹṣin mi rù kan eegun, lẹ́tà rí tín-ín-rín, gbogbo rẹ̀ sì dà bí sítíkà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ṣé Displace ló yẹ kí n lò?

Kúnlé Ìperu

Displace ni, arákùnrin. Mú fọ́tò ife yẹn, sọ ọ́ di dúdú àti funfun, tọ́jú rẹ̀ bíi PSD. Padà síbi dìsáìnì rẹ, lọ sí Filter > Distort > Displace, fi 10 sí òkè, fi 10 sí ìsàlẹ̀, kí o wá mú PSD yẹn. Photoshop á ka ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ara ife, á tẹ dìsáìnì náà mọ́ ọn fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe tàwọn ṣẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó sì máa ń dára gan-an.

Ọmọ Ìmọ̀wò

Ẹ ṣé, bọ̀dá Kúnlé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń dán lára ife, lẹ́tà méjì ti ya kúrò lórí ìlà, ó dà bí ìgbà tí omi kán sí wọn. Gbogbo dìsáìnì náà tún sún díẹ̀ lọ sí igun. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ rárá, pẹlẹbẹ ló ṣì wà.

Màmá Ẹ̀bùn, Ṣàgámù

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn náà. Èmi ni mo ń tẹ ife ní ọ̀dọ̀ wa níbí. Oníbàárà kan fi dìsáìnì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀ ẹ́ sára ife mẹ́fà, nígbà tí mo tú u kúrò nínú ẹ̀rọ, orúkọ ìyàwó náà gbé ìdí sókè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rò pé ẹ̀rọ mi ló ní àbùkù. Ṣé Warp yìí ni mo máa fi tún un ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Màmá Ẹ̀bùn, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀rọ yín kò ní àbùkù kankan. Ó dá mi lójú pé oníbàárà yẹn fi èyí tí wọ́n ti fi Warp tẹ̀ fún fọ́tò ránṣẹ́ sí yín. Warp tí a ń sọ níbí wà fún ojú nìkan, kí àwòrán lè dà bí ohun tó wà lára ife. Bébà tí ẹ ó fi tẹ ife tó dúró gbọọrọ, tí òkè àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ẹ ó sì yí i padà bíi ti inú díńgí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ife náà fúnra rẹ̀ ló máa tẹ bébà. Tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí ife tún wá tẹ̀ ẹ́, ohun tí ẹ rí yẹn ló máa ṣẹlẹ̀. Ẹ ní kí oníbàárà náà fi ojúlówó fáìlì ránṣẹ́.

Ọmọ Ìmọ̀wò, ìwọ náà gbọ́ èyí: tọ́jú fáìlì méjì sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún títẹ̀, ọ̀kan fún àwọn àgbà. Fọ́tò yìí kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bí kò ṣe pé ó kàn fẹ́ wò ó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ohun tó rù ẹṣin rẹ kò sí nínú Warp. Ife tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ níbí, ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8.2. Tí o bá fi okùn yí i ká, okùn náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 25.8. Ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ kò lè rí ju ìlàjì lọ, ìyẹn 12.9, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ fún pọ̀. Ìwọ wá kó gbogbo 20 sínú ojú tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 8.2. O ti fún un pọ̀ dé ìdá méjì nínú márùn-ún. Kò sí Warp tó lè wo irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ sàn. Ohun tí ojú lè rí nìkan ni kí o gbé síwájú, kí èyí tó kù ṣẹ́ kọrọ lọ sí ẹ̀yìn ife.

Sọ fún mi: níbo ni ẹlẹ́ṣin yẹn wà nínú sẹ̀ǹtímítà 20 náà?

Ọmọ Ìmọ̀wò

Àárín gbùngbùn ni, sà. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí apá òsì, 10 sí apá ọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Mo fura bẹ́ẹ̀. Àárín bébà yẹn ni yóò kọjú sí òdìkejì ọwọ́ ife. Bí bàbá bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife náà láti mu tíì, ẹlẹ́ṣin náà kò ní kọjú sí bàbá, kò sì ní kọjú sí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ òsì bàbá ló máa wà. Nínú fọ́tò rẹ tí ọwọ́ ife wà ní ọ̀tún, àárín dìsáìnì gbọ́dọ̀ wà ní etí òsì ife pátápátá, ibi tí a kò ti lè kà á. Fọ́tò tí o fẹ́ fi han àwọn àgbà kò bá ohun tí wọn yóò gbà mu.

Bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ẹlẹ́ṣin náà hàn nígbà tí ọwọ́ ife bá wà ní ọ̀tún. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Okùn yíká jẹ́ 25.8, bébà jẹ́ 20, nítorí náà àlàfo 5.8 ló kù lọ́dọ̀ ọwọ́ ife, 2.9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọwọ́ ife dé iwájú ojú wa jẹ́ ìdá mẹ́rin okùn, 6.45. Yọ 2.9 kúrò, ó ku nǹkan bíi 3.55. Ìyẹn ni pé àárín ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 3.55 sí etí ọ̀tún bébà. Nítorí bẹ́ẹ̀, dìsáìnì yẹn kò lè fẹ̀ ju 7.1 lọ kí ó tó kọjá etí bébà. Lo 7.1 yẹn, ó tó. Ẹ lè tún un ṣe sí apá òsì bébà, kí ẹni tó jókòó síwájú bàbá náà rí tirẹ̀.

Ọmọ Ìmọ̀wò

Háà. Ọlọ́run ló ní kí n bi yín. Igba ife ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Mo ti gbé e sí 3.55, mo dín in kù sí 7.1. Báwo ni kí n ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí? Nínú fọ́tò mi, ìbú ife jẹ́ píksẹ́lì 800.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

800 rọrùn. Láti àárín dé etí jẹ́ 400. Kó dìsáìnì náà sínú Smart Object kí o tó ṣe ohunkóhun, kí o lè máa padà sínú rẹ̀ tí àwọn àgbà bá ní kí o yí àwọ̀ padà. Lórí fọ́tò yìí, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 98, nítorí náà dìsáìnì 7.1 á fẹ̀ tó nǹkan bíi 693 kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká mú un sí 698, 349 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí etí rẹ̀ lè bọ́ sí dígírì 50.

Ohun méjì ló ń ṣẹlẹ̀ sí i lára ife. Àkọ́kọ́, bí ara ife ṣe ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú wa ń rí i ní ìdagun, nítorí náà ibẹ̀ ń fún pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
x = R * sin(s / R)
```

`R` ni 400 wa, `s` ni ibi tí nǹkan wà lórí bébà láti àárín dìsáìnì, `x` ni ibi tí ó máa bọ́ sí nínú fọ́tò. Etí dìsáìnì wa wà ní 349, ìyẹn dígírì 50 lára ife, yóò bọ́ sí 306. Ààbọ̀ ọ̀nà, ní dígírì 25, wà ní 174.5, yóò bọ́ sí 169. Wò ó dáadáa: apá inú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, láti 174.5 sí 169, ṣùgbọ́n apá òde tó fẹ̀ bákan náà di 137. Ojú ènìyàn mọ ìyàtọ̀ yìí bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, òun ló sì fà á tí tìrẹ fi dà bí sítíkà. Arc kò ṣe èyí fún ọ. Arc máa ń fẹ apá kan bí abẹ̀bẹ̀, ó ń da ìlà tó dúró gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Arch ló sún mọ́ ti ife, torí ìlà tó dúró yóò ṣì dúró, ṣùgbọ́n òun náà kò fún ẹ̀gbẹ́ pọ̀.

Nítorí náà fi àwọn ìlà atọ́nà sí fọ́tò: ọ̀kan ní àárín ife, àwọn tó kù ní 169 àti 306 sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Lọ sí Edit > Transform > Warp, ní òkè níbi tí wọ́n kọ Grid sí, mú 4x4. Àwọn ìlà àwọ̀n náà wà ní dọ́gbadọ́gba lórí dìsáìnì pẹlẹbẹ. Fa ìlà kọ̀ọ̀kan lọ sórí ìlà atọ́nà tirẹ̀.

Ohun kejì ni títẹ̀ sísàlẹ̀. Mú Ellipse, ya róbótó kan tó bá ẹnu ife mu rẹ́gí, ya òmíràn tó bá ìdí rẹ̀ mu níwájú. Sọ gíga wọn fún mi.

Kúnlé Ìperu

Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìṣirò yìí le jù fún ife kan. Ẹ̀dà Photoshop tuntun ní Cylinder nínú àwọn Warp rẹ̀, ẹ kàn fa etí rẹ̀ bá ẹnu ife mu, ó parí.

Ọmọ Ìmọ̀wò

Ẹ̀dà tèmi kò ní i, bọ̀dá. Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ife ga tó 140. Ìdí tó 168, ṣùgbọ́n mo rò pé mo ya ìdí náà dà. Ṣé kò yẹ kí méjèèjì dọ́gba?

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

O kò yà á dà. Láti òkè ni fóònù ti ń wo ife, ó sì ń wo ìdí láti òkè ju bí ó ṣe ń wo ẹnu lọ. Gbé ife kan sí iwájú rẹ nísinsìnyí, sọ ojú rẹ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi di ìlà kan ṣoṣo. Wàá rí i pé ìdí rẹ̀ ṣì tẹ̀. Tí o bá sún mọ́ ife jù, ìyàtọ̀ yẹn á pọ̀ sí i. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń jìnnà tó mítà kan ààbọ̀, tí mo ń fi súùmù fà á mọ́ra. Fóònù tó sún mọ́ ife gan-an kò tilẹ̀ lè rí ìlàjì rẹ̀ tán, ìṣirò `sin` tí mo kọ sókè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Ìlàjì 140 ni 70. Ní ẹnu ife, ìlà tó bá dé dígírì 25 á ga ju àárín lọ ní píksẹ́lì 7, tó bá dé 50 á ga jù ú lọ ní 25. Ìlàjì 168 ni 84: ní ìdí, 8 àti 30. Dìsáìnì rẹ wà láàárín ẹnu àti ìdí, nítorí náà ìlà òkè rẹ̀ á sún mọ́ 25, ìlà ìsàlẹ̀ á sún mọ́ 30. Níbi tí orúkọ ẹgbẹ́ wà gan-an ni kí o ti ṣọ́ra jù, torí lẹ́tà máa ń tú àṣírí ju ẹṣin lọ. Gbé ẹ̀dà róbótó ìdí náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kan ìdí lẹ́tà, kí o wá tẹ Warp tẹ̀lé e.

Kúnlé, mo ti lo Cylinder yẹn. Ó yára, ó sì tẹ òkè àti ìsàlẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lójú tèmi kò fún ẹ̀gbẹ́ pọ̀ tó nígbà tí dìsáìnì bá fẹ̀.

Kúnlé Ìperu

Tèmi fún un pọ̀ o. Bóyá bí a ṣe ń fà á ló yàtọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi róbótó márùn-ún sórí ìlà kan sínú Smart Object, kí o lo Cylinder, kí o wá fi wọ́n wé ìlà 169 àti 306. Gbé àwòrán rẹ̀ wá ká jọ wò ó.

Ọ̀rọ̀ Displace rẹ, ìdajì rẹ̀ tọ́, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ yìí gbàgbé ìdajì náà. Àwòrán tí Displace ń kà kò mọ ohun tó yọ síta àti ohun tó wọlé. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀. Àwọ̀ eérú 128 kì í sún ohunkóhun, bí ó bá ti kúrò ní 128 lọ sí dúdú, ó ń sún un sí ọ̀nà kan, bí ó bá lọ sí funfun, ó ń sún un sí òdìkejì. Lára ṣẹ́ẹ̀tì, ibi tí aṣọ ti ká wọlé ló sábà máa ń ṣókùnkùn, torí náà ó bá a mu. Lára tánganran tó ń dán, fèrèsé ilé rẹ ló ń tàn níbẹ̀. Displace ka fèrèsé sí òkè kékeré kan, ó sì ti lẹ́tà méjì yẹn kúrò lọ́nà. Sísún lọ sí igun náà ní ìdí tirẹ̀: máàpù tó jẹ́ dúdú àti funfun kan ṣoṣo máa ń sún nǹkan ní ìbú àti ní gíga lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ó bá jẹ́ RGB, pupa ló ń darí ìbú, àwọ̀ ewé ló ń darí gíga.

Adé Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a kò lè fi ọwọ́ ya máàpù náà nígbà náà? Kí pupa rẹ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí `sin` ṣe wí, kí Displace fúnra rẹ̀ tẹ ife. GIMP ni mo ń lò, Warp ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

A lè ṣe é, Adé, ó sì dára tí dìsáìnì kò bá fẹ̀ jù. Ní dígírì 50, láti 349 dé 306 jẹ́ 43 píksẹ́lì. Nínú Photoshop, 100 nínú Displace dọ́gba pẹ̀lú sísún 128 ní pípọ̀ jù, nítorí náà 34 ti tó fún ọ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú máàpù á sì máa sún nǹkan ní ìdá mẹ́ta píksẹ́lì. Ojú kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí dìsáìnì lọ dé etí ife pátápátá, 228 píksẹ́lì ni yóò sún níbẹ̀. Àwọ̀ kan á máa fo píksẹ́lì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì, etí lẹ́tà á sì di eyín ayùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Warp fún ara ife, tí mo sì fi Displace sílẹ̀ fún àwọn nǹkan kéékèèké.

Nínú GIMP, wo Filters > Map > Map Object, kí o yan Cylinder. Pa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, torí ó máa ń fi tirẹ̀ kún un, ìyẹn á sì bá ti fọ́tò jà.

Adé Ìkẹ́nnẹ́

Mo ti dán an wò. Ó yí i ká dáadáa, ẹ̀gbẹ́ fún pọ̀ bí ẹ ṣe wí. Ṣùgbọ́n ìdí àti òkè rẹ̀ kò bá ti fọ́tò mi mu, mo ń yí nọ́ńbà rẹ̀ láti àárọ̀. Bí ẹnu bá bá a mu, ìdí á sá lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe é rí, kó gbà mí.

Amọ̀kòkò

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ tánganran, ife amọ̀ ni èmi ń tà. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ wọ́n, ara wọn rí gbágungbàgun, ìka ọwọ́ mi ṣì wà lára wọn. Mo fẹ́ fi lógò hàn lára wọn kí n tó kùn ún. Ṣé Displace bá tèmi mu?

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Tìrẹ gan-an ló bá mu. Ṣe Warp lákọ̀ọ́kọ́ bí a ṣe sọ, torí ife rẹ náà róbótó. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Rasterize ẹ̀dà náà, kí ojúlówó wà nípamọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣe máàpù láti inú fọ́tò ife: sọ ọ́ di dúdú àti funfun, fi Gaussian Blur 2 tàbí 3 kàn án kí iyanrìn kéékèèké inú amọ̀ má baà fọ́ etí lógò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kí o sì tọ́jú rẹ̀ bíi PSD. Máàpù àti fọ́tò gbọ́dọ̀ tóbi bákan náà, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fà á tàbí kó tún un tẹ̀ léra, ojú ìka kò sì ní bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti 4. Tí o bá ti dé 10, lógò á máa dà bí ohun tó ń yọ́.

Ya fọ́tò náà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti iwájú, gbágungbàgun yẹn kò ní ní òjìji, Displace kò sì ní rí nǹkan kan kà.

Màmá Ẹ̀bùn, Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Oníbàárà yẹn ti fi ojúlówó ránṣẹ́, ó sì bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo òmíràn: ife tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, bébà pẹlẹbẹ kì í bá a mu, ó máa ń ká sókè ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Ti ìyẹn yàtọ̀ mà, òun ló nílò kí a tẹ bébà lóòótọ́. Irú ife bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá tú ara rẹ̀ sílẹ̀, á dà bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ fi bébà yí i ká, ẹ fi bírò tẹ̀lé ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀, ẹ gé e, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ ó rí abẹ̀bẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀: bí ìbú ẹnu bá jẹ́ 9, tí ti ìdí jẹ́ 6, tí ara rẹ̀ ga ní 11 lórí ìdagun, ìlà òkè abẹ̀bẹ̀ jẹ́ ara róbótó tí àárín rẹ̀ jìnnà ní sẹ̀ǹtímítà 33, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 22. Níbẹ̀ ni Arc ti wúlò.

Ọmọ Ìmọ̀wò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe é. Kí n tó gbà á gbọ́, mo gé bébà 7.1 kan, mo fi bírò fa ìlà sí i ní ìdá mẹ́rin mẹ́rin, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ife náà gan-an pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, mo tún un yà láti ibi kan náà. Mo gbé fọ́tò náà sábẹ́ dìsáìnì mi tí mo tẹ̀. Ìlà àárín bára mu, ti dígírì 25 bára mu. Ti òde ní ọ̀tún fi píksẹ́lì 4 yàtọ̀, mo sì rí i pé ife mi ló yí díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò wà ní ọ̀tún gedegbe.

Mo fi Multiply sí dìsáìnì náà, òjìji ife sì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ fèrèsé yẹn ti sọnù lábẹ́ agbádá ẹlẹ́ṣin, torí agbádá náà dúdú. Ó dà bí ẹni pé ibẹ̀ kò dán.

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Multiply lè ṣókùnkùn nǹkan, kò lè mú un mọ́lẹ̀. Lára ife funfun, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní tú u fó, àwọ̀ dúdú ló ń tú u fó. Ṣe ẹ̀dà fọ́tò ife, gbé e sókè pátápátá, fi Levels ṣókùnkùn rẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ á fi dúdú àyàfi fèrèsé yẹn, kí o wá sọ ọ́ di Screen. Dín Opacity rẹ̀ kù títí tí agbádá yóò fi dà bí ohun tó wà lábẹ́ dídán náà. Tèmi kì í sábà kọjá 60. Bébà tí o lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Máa ṣe é fún gbogbo ife tuntun tó bá wọlé, torí ìwọ̀n wọn kì í dọ́gba láti páálí kan sí èkejì.

Ọmọ Ìmọ̀wò

Ó ti dán, ẹ̀gbọ́n. Fèrèsé náà kọjá lórí agbádá, ó sì bọ́ sára ife láì já. Bàbá wò ó lórí fóònù, ó béèrè ẹni tó ti tẹ ife náà kí a tó sanwó. Ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Alága wọn wá sọ pé òsì ni òun ń lò, òun fẹ́ rí bí yóò ṣe rí nígbà tí ọwọ́ ife bá wà ní òsì. Ṣé kí n kàn yí fọ́tò yẹn padà bíi ti díńgí?

Ẹ̀gbọ́n Òdogbolu

Yí fọ́tò ife òfìfo nìkan padà bí kò bá sí ohunkóhun tí a kọ lára tábìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, má ṣe yí dìsáìnì. Ẹlẹ́ṣin kejì tí o fi sí apá òsì bébà ló máa hàn, àárín rẹ̀ wà ní 3.55 sí etí òsì. Nọ́ńbà 169 àti 306 kò yí padà. Òjìji á ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí náà mú ìpele Screen yẹn láti inú fọ́tò tí o ti yí padà, má ṣe lo ti tẹ́lẹ̀.

Adé Ìkẹ́nnẹ́

Mo ṣì ń dúró de ẹni tó mọ ti Map Object o. Ìdí ife mi ṣì ń sá.